Ìkéde Ẹ̀kọ́-Ọ̀fẹ́ fún Akẹ́kọ̀ọ́ Ọdún Kẹta

Sí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka wa ní Ògbómọ̀ṣọ́.

Gẹ́gẹ́ bí ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ pátákó ẹ̀ka ti sọ, akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kẹta tí kò gba ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ mìíràn lọ́wọ́, tí CGPA rẹ̀ kò sì dín ní 3.50 nínú 5.00, nìkan ni ó lè forúkọ sílẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ ṣe ìṣirò 3.50 yìí dáadáa. Ẹ má kàn ro èsì ọdún méjèèjì pọ̀ kí ẹ wá pín in sí méjì. Ẹni tí ó ní póìntì 135 lórí yúníìtì 36 ní ọdún kìíní ní 3.75, bí ó bá ní póìntì 143 lórí yúníìtì 44 ní ọdún kejì, 3.25 ni. Ìdajì àpapọ̀ wọn yóò jẹ́ 3.50 lóòótọ́, ṣùgbọ́n póìntì 278 tí a pín sí yúníìtì 80 kò ju 3.475 lọ, kò sì kúnjú ìwọ̀n.

Agogo méjìlá òru ọjọ́ Ẹtì tí ń bọ̀ ni ìforúkọsílẹ̀ yóò parí. Àmọ́, èsì tí ẹ óò fi ránṣẹ́ gbọ́dọ̀ ní ìbuwọ́lù àti òǹtẹ̀ olórí ẹ̀ka wa, ẹni tí kò ní sí nílé lọ́jọ́ Ẹtì náà. Nítorí náà, kí ìwé yín ti dé ọ̀dọ̀ akọ̀wé ẹ̀ka kí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú tó lù.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́