Àdùkẹ́, tún déètì yẹn kọ kó o tó fi síífíì náà ránṣẹ́

Àdùkẹ́ ọmọ mi,

Mo rí síífíì tó o fi ránṣẹ́ sórí wásáàpù mi lánàá, mo ní kí àbúrò rẹ bá mi tẹ̀ ẹ́ jáde torí ojú mi, mo wá fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkéde iṣẹ́ tó o fi ránṣẹ́ pẹ̀lú ẹ̀, mo kà á tán. Ìkéde yẹn ní máníjà lọ́jísíìkì làwọn ń wá, ẹni tó ti ní ìrírí ọdún mẹ́rin. Ìwọ náà wá kọ ọ́ pé o ti ń ṣe máníjà lọ́jísíìkì níbi tó o wà yìí láti 2021 títí dòní. Ọmọ mi, ní 2021 o ṣẹ̀ṣẹ̀ ń parí yunifásítì ni. Oṣù Fẹ́búárì 2023 lo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀, orúkọ tí wọ́n sì kọ sínú lẹ́tà tí wọ́n fi gbà ẹ́ ni dìsípáàṣì ọ́físà.

Mi ò kọ̀wé láti bá ẹ jà o. Mo mọ̀ pé àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ló sọ fún ẹ pé gbogbo ayé ló ń ṣe é, pé tí wọ́n bá béèrè ọdún mẹ́rin kó o ṣáà kọ ọdún mẹ́rin, ìgbà tó o bá débẹ̀ lo máa fi iṣẹ́ hàn wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ̀ka tó ń bójú tó òṣìṣẹ́ ni mo ti ṣiṣẹ́ kí n tó fẹ̀yìn tì, èmi ni wọ́n máa ń kó fáìlì àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé fún pé kí n lọ yẹ̀ ẹ́ wò, torí náà jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń rí fún ẹ láti inú wá, kì í ṣe bí àwọn tó wà níta ṣe rò pé ó rí.

Ọ̀pọ̀ ló rò pé yíyẹ̀wò yẹn ni pé kí ẹnì kan pe nọ́ńbà tó o kọ sísàlẹ̀ síífíì, kí ọ̀rẹ́ rẹ gbé e kó sì sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, mo mọ̀ ọ́n. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ló ń bẹ̀rẹ̀. Fọ́ọ̀mù ló ń kọ́kọ́ wá. Tó o bá ti yege íntáfíù, wọ́n á fún ẹ ní fọ́ọ̀mù tiwọn, kó o kọ gbogbo ibi tó o ti ṣiṣẹ́ sí, ọjọ́, oṣù àti ọdún tó o débẹ̀ àti èyí tó o kúrò, wọn ò ní gbà kó o kọ ọdún nìkan bó o ṣe ṣe nínú síífíì yẹn. Nísàlẹ̀ ẹ̀ wọ́n á ti kọ ọ́ pé òótọ́ ni gbogbo ohun tí mo sọ, pé tí irọ́ bá wà níbẹ̀ wọ́n lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi nígbàkígbà, àti pé mo gbà kí wọ́n kọ̀wé síbi tí mo ti ṣiṣẹ́ àti ilé-ìwé mi. Ibẹ̀ lo máa fọwọ́ sí. Síífíì ò ní ìfọwọ́sí, fọ́ọ̀mù ní. Nígbà yẹn ọ̀nà méjì ló kù fún ẹ, yálà o kọ òótọ́ kí fọ́ọ̀mù àti síífíì rẹ máa ta ko ara wọn lójú wọn, tàbí o kọ irọ́ yẹn kó o sì fọwọ́ sí i.

Jẹ́ ká wá mú 2021 tó o kọ yẹn, ká wo ibi tó máa bá ẹ dé.

Ìwé àkọ́kọ́ tí wọ́n máa béèrè ni sátífíkéètì àgùnbánirọ̀ rẹ, òfin NYSC fúnra ẹ̀ ló ní kí agbanisíṣẹ́ béèrè fún un lọ́wọ́ ẹni tó jáde yunifásítì. Déètì tó o fi sìnlú wà lójú ẹ̀, láti Nòfẹ́ńbà 2021 sí Ọ́kítóbà 2022. Ìwó lo wà nígbà yẹn tó ò ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò. Ẹni tó jókòó bí mo ṣe máa ń jókòó yẹn kò ní pe ẹnikẹ́ni, kò ní kọ̀wé síbì kankan, fótókópì yẹn ló máa gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ síífíì rẹ tí á sì bi ara ẹ̀ pé báwo ni ọmọ yìí ṣe ń ṣe máníjà ní Ìkẹjà lọ́dún tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní Ìwó? Ohun tó máa ń mú àwọn èèyàn jù nìyẹn nígbà tí mo ń ṣe é, ìwé tí wọ́n fọwọ́ ara wọn mú wá.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n á kọ̀wé síbi tó o ti ṣiṣẹ́. Wọn kì í lo nọ́ńbà tó o fún wọn, wọ́n á fúnra wọn wá àdírẹ́sì ilé-iṣẹ́ náà tí wọ́n á kọ lẹ́tà sí ẹ̀ka òṣìṣẹ́ ibẹ̀, tàbí kí wọ́n gbé e fún àwọn tó ń fi irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ ṣe. Ìbéèrè inú ẹ̀ kúrú: ìgbà wo ló débẹ̀, ìgbà wo ló kúrò, kí ni ipò ẹ̀, kí ló dé tó fi kúrò, ṣé ẹ lè gbà á padà. Ẹni tó máa dáhùn lè má mọ̀ ẹ́ rí, fáìlì ló máa ṣí. Fáìlì yẹn á sọ pé Fẹ́búárì 2023, á sọ pé dìsípáàṣì ọ́físà. Kì í ṣe pé ẹnì kan kórìíra ẹ o, ohun tó wà nínú ìwé ló kọ.

Pẹ́ńṣàn náà wà níbẹ̀. Àkáǹtì pẹ́ńṣàn rẹ ò ní yí padà tó o bá pààrọ̀ iṣẹ́, nọ́ńbà kan náà ni wàá gbé lọ fún agbanisíṣẹ́ tuntun kí wọ́n lè máa san tiwọn sí i. Ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún tí wọ́n ń yọ nínú owó rẹ àti ìdá mẹ́wàá tí ilé-iṣẹ́ ń fi kún un, oṣù tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọlé ló ń tò lé ara wọn nínú sítétímẹ́ńtì yẹn, kò sì sí kọ́bọ̀ kan níbẹ̀ kó tó di 2023. Kì í ṣe gbogbo ilé-iṣẹ́ ló ń béèrè fún sítétímẹ́ńtì yẹn, ṣùgbọ́n àwọn kan ń béèrè. Yunifásítì náà, tí wọ́n bá kọ̀wé sí réjísírà, wọ́n á sọ ọdún tó o jáde. Ṣé o rí i, déètì kan ṣoṣo lo sún, ìwé mẹ́rin tí ìwọ fúnra rẹ ò lè tún kọ ló ń ta kò ó.

Ti orúkọ máníjà yẹn náà, má rò pé ó fúyẹ́ ju déètì lọ. Wọ́n lè mú un níbi íntáfíù gan-an kó tó kan lẹ́tà kankan. Ọ̀gá tó mọ iṣẹ́ yẹn máa bi ẹ́ pé èèyàn mélòó ló ń jábọ̀ fún ẹ, ta ló ń fọwọ́ sí owó dísẹ́ẹ̀lì, tí dírẹ́bà bá pa ẹrù oníbàárà run ta ló ń pinnu ẹni tó máa san án, bọ́jẹ́ẹ̀tì ọdún tó kọjá ńkọ́. Ìwọ lò ń to ìrìn àwọn ọkọ̀, kì í ṣe ìwọ lò ń fọwọ́ sí owó, wàá sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀rọ̀ bo ọ̀rọ̀.

Ohun tó ń dùn mí jù ni àsìkò tí èsì ń dé. Lọ́pọ̀ ibi níbí, ẹ̀yìn tí èèyàn bá ti wọṣẹ́ ni lẹ́tà yẹn máa ń jáde, torí wọn ò ní kọ̀wé síbi tó o ṣì wà kó o tó fibẹ̀ sílẹ̀. Torí náà o ti kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n ti fi ẹlòmíì sípò rẹ, o ti san owó ilé tuntun, o wà nínú oṣù mẹ́fà ìdánwò, ìgbà yẹn gan-an ni èsì wọlé. Ọkùnrin kan wà tí mo ṣe fáìlì ẹ̀ nígbà kan, akáúńtàǹtì ni, ó mọ iṣẹ́ dáadáa, ọ̀gá ẹ̀ fẹ́ràn ẹ̀. Ó kọ ọ́ pé ọdún mẹ́fà lòun lò níbi kan, èsì ibẹ̀ dé pé ọdún mẹ́ta ni, ó ti na tibẹ̀ kó lè bo àkókò tí kò níṣẹ́. Tó bá jẹ́ pé ó sọ pé òun ò níṣẹ́ nígbà yẹn ni, kò sẹ́ni tó máa bínú sí i, a ti gba irú wọn rí. Ọ̀gá ẹ̀ wá bẹ̀bẹ̀ lọ́dọ̀ wa, kò ṣeé ṣe, torí ó ti fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù. Èmi ni mo tẹ lẹ́tà tí wọ́n fi dá a dúró. Ibi tó tún wá bá a ni pé nígbà tí ilé-iṣẹ́ míì bá kọ̀wé bi wá pé kí ló dé tó fi kúrò, ìdí yẹn ló wà nínú fáìlì.

Kí o má sì rò pé àwọn kéékèèké nìkan ló ń ṣẹlẹ̀ sí. Scott Thompson di ọ̀gá àgbà Yahoo ní January 2012. Ìmọ̀ ìṣirò owó ló kà ní Stonehill College lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé tí ilé-iṣẹ́ fi ránṣẹ́ sí ìjọba pé ó ka ìmọ̀ kọ̀ǹpútà pẹ̀lú ẹ̀. Àwọn tó ní ìpín nínú ilé-iṣẹ́ yẹn lọ béèrè lọ́wọ́ ilé-ìwé, wọ́n rí i pé 1979 ló jáde, nígbà tí ilé-ìwé ọ̀hún ò tíì máa fún èèyàn ní dìgírì kọ̀ǹpútà rárá. Ó dé May ọdún kan náà, ó ti kúrò nípò. Dìgírì tó ní gan-an ò ní àléébù kankan o, èyí tí wọ́n fi kún un ló dá wàhálà sílẹ̀.

Mi ò ní parọ́ fún ẹ pé gbogbo ilé-iṣẹ́ ló ń yẹ èèyàn wò. Àwọn kékeré kan wà tí wọn ò bìkítà, àwọn ibòmíì ti kógbá sílé tí kò sẹ́ni tó máa dá lẹ́tà lóhùn. Ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù tó o fọwọ́ sí kì í kúrò nínú fáìlì, wọ́n lè ṣí i nígbà ìgbéga, wọ́n lè ṣí i nígbà tí ẹlòmíì bá ra ilé-iṣẹ́ náà, irú ilé-iṣẹ́ ńlá tó o sì fẹ́ lọ yìí, wọ́n máa yẹ̀ ẹ́ wò.

Nítorí náà báyìí ni kó o ṣe kọ ọ́. Kọ dìsípáàṣì ọ́físà, Fẹ́búárì 2023 títí dòní. Abẹ́ ẹ̀ ni kó o ti wá sọ ohun tó ò ń ṣe gan-an, iye ọkọ̀ tó ò ń tò lójúmọ́, àwọn ìpínlẹ̀ tí wọ́n ń lọ, bó o ṣe gbé àkọsílẹ̀ ìrìn ọkọ̀ kúrò nínú ìwé lọ sínú Excel. Oṣù mẹ́ta tó o delé fún máníjà rẹ nígbà tó lọ bímọ, ìyẹn gan-an lo fi sílẹ̀ tí o ò kọ! Kọ ọ́ pé o delé fún máníjà, kọ oṣù tó bẹ̀rẹ̀ àti oṣù tó parí, nǹkan tí fáìlì máa gbè lẹ́yìn ni. Oṣù mẹ́fà tó o fi kọ́ṣẹ́ ní wíyáháòsì l'Ọ́tà nígbà tó o wà ní yunifásítì, kọ òun náà, ṣùgbọ́n kó o pè é ní orúkọ ẹ̀, pé ìkọ́ṣẹ́ ni. Wá kọ ọ́ sínú lẹ́tà tó máa tẹ̀ lé síífíì pé ìrírí rẹ kò tíì pé ọdún mẹ́rin, pé àwọn ohun tó o ti ṣe rèé. Ọdún tí wọ́n máa ń kọ sínú ìkéde yẹn, mo ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà tí wọ́n pe ẹni tí kò pé e torí ohun tó kọ sílẹ̀ yé wọn. Wọ́n sì lè má pè ẹ́, ìyẹn náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó o ní lọ́wọ́ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ.

Tó o bá ti fi èyí tó ní 2021 ránṣẹ́ síbì kankan, kọ ímeèlì sí wọn kí wọ́n tó fún ẹ ní fọ́ọ̀mù, pé déètì inú síífíì àkọ́kọ́ kò tọ̀nà, èyí tó tọ̀nà rèé. Tún ti LinkedIn náà ṣe, torí wọ́n ń wò ó. Tí ọ̀gá rẹ kan bá sì sọ pé òun á bá ẹ kọ lẹ́tà pé 2021 lo débẹ̀, jọ̀ọ́ má gbà á, ìyẹn ti kúrò ní ọ̀rọ̀ síífíì, ayédèrú ìwé nìyẹn, ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá ni.

Ya fótò sátífíkéètì àgùnbánirọ̀ rẹ, lẹ́tà tí wọ́n fi gbà ẹ́ síṣẹ́ àti sítétímẹ́ńtì pẹ́ńṣàn rẹ, fi wọ́n ránṣẹ́ sí mi lálẹ́ òní. Ọjọ́ Ẹtì ni ìkéde yẹn máa tì, màá pè ẹ́ lọ́la tó o bá dé láti ibi iṣẹ́ ká jọ fi déètì kọ̀ọ̀kan wéra.

Èmi ni màmá rẹ.