Ẹ Má Fi Àdúrà Pa Aláìsàn Lẹ́nu Mọ́

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì,

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, ọmọ àbúrò mi gbé ìbéèrè ìdánwò ìtọ́jú ọpọlọ kan tó gbà wá bá mi ní Ìpẹru. Obìnrin kan tó bímọ lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ló sọ fún nọ́ọ̀sì pé, "Ì bá sàn fún ọkọ àti ọmọ mi bí mi ò bá sí." Kí ni kí nọ́ọ̀sì sọ? Wọ́n ní kó mú ọ̀kan nínú àwọn ìdáhùn tí wọ́n kọ síbẹ̀. Ọmọ mi mú "Ẹ má dààmú, gbogbo rẹ̀ á dára." Ó gbòdo. Èyí tó yẹ kó mú ni "Ṣé ẹ ń ronú láti pa ara yín ni?" Ó ní, "Mọ́mì, ṣé ẹnu máa gba irú ọ̀rọ̀ yẹn?"

Ẹ̀rù bà mí, nítorí mo mọ ibi tó ti kọ́ ọ. Nílé wa, bí èèyàn bá dárúkọ ikú, "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" la fi ń gbà á lẹ́nu rẹ̀.

Èmi náà ṣe é rí. Mo ṣì ń kọ́ṣẹ́ nígbà náà. Bàbá kan jókòó létí bẹ́ẹ̀dì, ó ń ká fìlà rẹ̀, ó ń tú u, ó tún ń ká a. Ó ní, "Mi ò ní pẹ́ yọ yín lẹ́nu mọ́." Mo ní Ọlọ́run ò ní jẹ́, ẹ máa lò ó pẹ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó dákẹ́. Lóru ni wọ́n rí ohun tó fẹ́ lò lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀. Orí ló yọ ọ́. Nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀, ó sọ fún mi pé, "Àdúrà rẹ ló jẹ́ kí n dákẹ́."

Ta ló wá sọ fún yín pé bíbi aláìsàn ní irú ìbéèrè yẹn ló ń gbé èrò pípa ara ẹni sí i lọ́kàn? Irọ́ ni! Èrò náà ti wà níbẹ̀ kí ẹ tó dé. Ìbéèrè yín ló ń jẹ́ kó mọ̀ pé òun lè sọ ọ́.

"Ẹ wo ọmọ yín bó ṣe rẹwà" wà lára àwọn ìdáhùn yòókù nínú ìdánwò náà. Ìyẹn yí ọ̀rọ̀ padà, ó sì tún dá kún ẹ̀bi tó ń pa obìnrin náà lọ. "Kí ló dé tí ẹ fi ń ronú bẹ́ẹ̀?" jọ ìbéèrè gidi, àmọ́ bí ẹni tí wọ́n ń bá wí ni yóò ṣe gbọ́ ọ, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wí àwíjàre. "Ẹ sọ bó ṣe ń ṣe yín fún mi" dára lọ́pọ̀ ìgbà. Ṣùgbọ́n níbi tí ikú bá ti yọjú, ààbò ló ṣáájú: ẹ dárúkọ rẹ̀.

Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ bi í bóyá ó ti mọ ọ̀nà tó fẹ́ gbà, bóyá ohun náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan. Bó bá ní kí ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni, ẹ má ṣèlérí o! Ẹ sọ fún un pé ẹ máa fi tó ọ̀gá wọ́ọ̀dù létí, kí ẹ sì ránṣẹ́ pè é.

Mo ní kí ọmọ mi wo ojú mi, kó bi mí bí ẹni pé èmi ni obìnrin náà. Lẹ́ẹ̀mejì ni ohùn há a lọ́fun. Ìgbà kẹta ló tó bi mí délẹ̀.