Ọ̀rọ̀ sí àwọn oníbàárà wa: Ìdí tí a fi ń tú ìwé àdéhùn owó padà sí Gẹ̀ẹ́sì

Ẹ̀yin oníbàárà wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Ọ̀pọ̀ nínú yín ti béèrè ìdí tí ìwé ẹ̀yáwó tí ẹ gbé wá kí a tú sí Yorùbá fi ń pẹ́ ní ọjọ́ méjì ju ìwé mìíràn lọ, tí owó rẹ̀ sì fi wọ́n díẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé, nígbà tí a bá tú u tán, a máa ń gbé Yorùbá náà fún ògbufọ̀ mìíràn tí kò fojú kan ìwé Gẹ̀ẹ́sì rí, kí ó tú u padà sí Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́yìn náà ni a ó gbé Gẹ̀ẹ́sì méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, tí a ó máa kà wọ́n ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan.

Ìwé onídùúró kan ló sọ ọ́ di dandan fún wa. Ìyá aláṣọ kan fẹ́ yá 600,000 náírà, èèyàn méjì ló sì fẹ́ dúró fún un. Gẹ̀ẹ́sì ìwé náà sọ pé gbèsè yóò wà lọ́rùn àwọn onídùúró lápapọ̀ àti lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi fúnra mi ni mo tú u, ohun tí mo sì kọ ni pé: “Àwọn onídùúró yóò jọ san gbèsè náà.” Ó dùn létí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ògbufọ̀ kejì tú u padà, kò sí ohun mìíràn nínú Gẹ̀ẹ́sì tirẹ̀ ju pé àwọn méjèèjì yóò pawọ́ pọ̀ san án. “Lọ́kọ̀ọ̀kan” ti bọ́ sọnù. Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló fún ayánilówó lágbára láti mú ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn, kí ó gba gbogbo gbèsè lọ́wọ́ rẹ̀, kí onítọ̀hún fúnra rẹ̀ sì wá lọ gba ìpín tó kan ẹnì kejì lọ́wọ́ ẹni yẹn. Ẹni tó bá ka Yorùbá mi yóò rò pé 300,000 péré ló kan òun. Èyí tí a wá kọ síbẹ̀ nígbẹ̀yìn gùn, kò sì dùn tó ti àkọ́kọ́: “Ayánilówó lè béèrè gbogbo gbèsè náà lọ́wọ́ àwọn onídùúró méjèèjì, ó sì lè béèrè gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo nínú àwọn onídùúró náà.”

Nínú ìwé kan náà, Gẹ̀ẹ́sì sọ pé èlé jẹ́ náírà 3 lórí 100 lóṣù, lórí iye gbèsè tó bá kù. Mo kọ “lórí owó tí a yá.” Tí ìyá náà bá ń dá 50,000 padà lóṣooṣù fún oṣù 12, èlé lórí gbèsè tó ń dín kù yóò jẹ́ 117,000 náírà lápapọ̀, ṣùgbọ́n lórí owó tí a yá láti ìbẹ̀rẹ̀, 216,000 ni. Èmi ni mo fi 99,000 kún gbèsè obìnrin yẹn lórí ìwé, láìmọ̀.

Ìparí irú ìwé bẹ́ẹ̀ sì máa ń sọ lọ́pọ̀ ìgbà pé bí èdè méjèèjì bá ta kora, ti Gẹ̀ẹ́sì ni a ó tẹ̀ lé. Nítorí náà, “jọ san” tí mo kọ yóò fi onídùúró lọ́kàn balẹ̀ lọ́jọ́ tó ń fọwọ́ síwèé, kò sì ní gbà á sílẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá wá gba gbèsè.

Kì í ṣe gbogbo àṣìṣe ni títú padà ń gbé jáde o. Ògbufọ̀ tó ti pẹ́ nídìí ìwé báńkì lè fi òye tún gbólóhùn wa ṣe láìmọ̀, nítorí ó ti mọ ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ fún un pé ohun tó bá rí ni kó kọ, bó tilẹ̀ wọ́. Èyí tó le jù ni “wọn,” tí a ń lò fún èèyàn púpọ̀, tí a sì ń fi bọ̀wọ̀ fún àgbà kan ṣoṣo. “Bí wọn kò bá san án lásìkò, wọn yóò san owó ìtanràn”: ṣé ìyá aláṣọ ni, àbí àwọn onídùúró? Gẹ̀ẹ́sì tí a tú padà lè bá ti àkọ́kọ́ mu rẹ́gí, kí ẹni tó ń ka Yorùbá sì gbọ́ nǹkan mìíràn. A kì í fi “wọn” sínú ìwé owó mọ́. Orúkọ ipò ẹni náà ni a ń tún kọ ní gbogbo ìgbà. Lẹ́yìn èyí, a máa ń ka Yorùbá náà sétí ẹnì kan tí kò mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ náà rárá, a ó sì bi í pé: “Ta ló máa san án, èló ni, nígbà wo?”

Tí ẹ bá ń bọ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú odindi ìwé Gẹ̀ẹ́sì wá, pẹ̀lú ojú ewé tí wọ́n ṣe ìṣirò èlé sí, torí ibẹ̀ ni a ti ń mọ irú èlé tó jẹ́. Ẹ má sì jẹ́ kí onídùúró yín fọwọ́ sí ẹ̀dà Yorùbá tí kò ní ọjọ́ àti ìbuwọ́lùwé ògbufọ̀ kejì lẹ́yìn.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùdarí ilé iṣẹ́ ìtumọ̀ yín