Àbẹ̀kẹ́, dá Alhájà lóhùn

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Bọ́sẹ̀ àbúrò mi pè mí lálẹ́ ọjọ́ Àìkú. Ó ní Alhájà olóúnjẹ tí òun mú wá bá ọ ń wá ọ kiri, pé o kì í gbé fóònù rẹ̀ mọ́, pé o ń ka ọ̀rọ̀ tó ń kọ sí ọ lórí Wáàsáàpù, o kì í sì í fèsì. Àyà mi já. Èmi náà ti ń pè ọ́ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, o ò gbé e. Owó òrùlé tí o ní wàá fi ránṣẹ́ kò tíì dé, ìyẹn kò dùn mí, garawa wà níbi tí ilé ìdáná ti ń jò. Ìdákẹ́ rẹ ló ń bà mí lẹ́rù.

Ẹ̀gbọ́n rẹ ló là mí lóye. Ó ní o ti sọ fún òun pé iṣẹ́ obìnrin náà kò lópin mọ́. Ó ka ìwé àdéhùn yín sí mi létí, mo kọ ọ́ sílẹ̀: wẹ́bùsáìtì olójú-ìwé márùn-ún, àtúnṣe ẹ̀ẹ̀mejì, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ₦350,000. Ìdajì owó kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ìdajì lọ́jọ́ tí o bá fi lé e lọ́wọ́. Àdéhùn tó dára ni. Lẹ́yìn rẹ̀ ló ní kí o bá òun ṣe ìwé ìpolówó ọdún Iléyá, o ṣe é. Ó ní kí o pààrọ̀ àwọ̀ rẹ̀, o pààrọ̀ rẹ̀. Ó ní kí o máa bá òun gbé àwòrán oúnjẹ sórí Ìńsítágíráàmù. Ní báyìí, ó fẹ́ kí àwọn oníbàárà lè máa bèèrè oúnjẹ lórí wẹ́bùsáìtì náà, kí wọ́n sì sanwó níbẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni mà, bẹ́ẹ̀ ni mà" lo ń wí. Ìgbà tí "bẹ́ẹ̀ ni" sú ọ, o pa ẹnu mọ́.

Kí ló dé, Àbẹ̀kẹ́? Ìwọ tí o máa ń bá ìyá rẹ ro ẹjọ́ títí ilẹ̀ fi ń ṣú! Obìnrin náà kò tíì ṣẹ̀ ọ́. Lójú ẹni tí kì í ṣe iṣẹ́ yín, ibi tí èèyàn ti ń sanwó kò ju bọ́tìnnì kan lọ. Kò rí ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀, ìwọ náà kò sì fi hàn án. Bí o bá ń bá a lọ báyìí, ọjọ́ kan ni wàá kọ nǹkan sí i lóru tí kò ní ṣeé kó padà. Ohun tí mò ń bẹ̀rù gan-an nìyẹn.

Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Ilé kan wà tí mo kọ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde nígbà tí o wà ní pírámárì. Onílé fi bákónì kún un, mo ṣe é. Ó fi sókàwéè kejì kún un, mo ṣe é, mo ń rò pé yóò mọ̀ ọ́n san. Ó ní kí n mọ ògiri yí ilé ká. Mi ò sọ ohunkóhun, mi ò kọ ohunkóhun, títí di àárọ̀ ọjọ́ kan tí mo bú ọkùnrin náà níwájú gbogbo àwọn lébìrà rẹ̀. Inú mọ́tò ni o jókòó sí, o ń gbọ́ mi. Ìyókù owó mi kò jáde, ẹnikẹ́ni kò sì tún gbé iṣẹ́ fún mi ní àdúgbò yẹn mọ́. Nínú iṣẹ́ ilé kíkọ́, ìwé wà fún irú rẹ̀: kí bíríkìlà tó fi ọwọ́ kan ohun tí kò sí nínú àwòrán ilé, a ó kọ ohun tí wọ́n fi kún un, iye rẹ̀ àti ọjọ́ tí yóò gbà, onílé á fọwọ́ sí i. Mo mọ ìwé náà dáadáa. Ojú ló ń tì mí láti gbé e síwájú àgbàlagbà. Mo máa ń ronú pé ariwo tí o gbọ́ lọ́jọ́ yẹn ló lé ọ sínú ìdákẹ́.

Màmá rẹ ní kí n sọ fún ọ pé eékún òun ti fúyẹ́.

Ó yá, mú pépà. Pín ohun tí Alhájà béèrè. Ohun tó bá jẹ́ àṣìṣe tìrẹ, bí àwòrán tí kò ṣí dáadáa lórí fóònù kékeré, tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, má tilẹ̀ kà á mọ́ àtúnṣe. Bó bá ní kí o yí ọ̀rọ̀ padà lórí ojú-ìwé tó ti wà nínú àdéhùn, àtúnṣe nìyẹn, inú ẹ̀ẹ̀mejì tí ẹ kọ ló wà. Ṣùgbọ́n ohun tó bá nílò ojú-ìwé mìíràn, tàbí tí wẹ́bùsáìtì náà yóò máa ṣe tí kì í ṣe tẹ́lẹ̀, iṣẹ́ tuntun ni. Bí nǹkan kan bá wà tí àdéhùn yín kò là dáadáa, bí i ẹni tí yóò kọ ọ̀rọ̀ inú ojú-ìwé, gbà á mọ́ra lọ́tẹ̀ yìí, kí o sì kọ ọ́ yékéyéké nínú àdéhùn mìíràn. Má fi ohun tó fara sin bá èèyàn jà.

Ti ìwé ìpolówó Iléyá ti lọ. O ò lè padà wá gba owó ohun tí o ti fẹ̀rín gbé fún un. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí o bá ń kọ ìwé owó ìkẹyìn, kọ ọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú iye rẹ̀, kí o wá yọ iye náà kúrò nísàlẹ̀. Kó rí i pé iṣẹ́ ni, pé ẹ̀bùn ni o fi ṣe.

Má fi ìtìjú dá iye iṣẹ́ tuntun. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, ogún ọjọ́ iṣẹ́ nìyẹn. Pín ₦350,000 sí i, ₦17,500 ni ọjọ́ kan. Ẹ̀gbọ́n rẹ ní o sọ pé ibi ìbéèrè oúnjẹ àti ìsanwó yóò gba ọjọ́ mẹ́fà. ₦105,000 nìyẹn. Jẹ́ kó tún mọ̀ pé ilé-iṣẹ́ tó ń gba owó káàdì máa ń yọ owó tiwọn nínú ohun tí oníbàárà bá san, kó má bàa rò lọ́la pé ìwọ lo ń bu owó òun jẹ.

Mo jókòó kọ irú ohun tí ì bá dára kí o fi ránṣẹ́ sí i. Ṣe é bó ṣe wù ọ́, àmọ́ má jẹ́ kó gùn jù báyìí lọ:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Alhájà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mi ò tètè dá ìpè yín padà. Iṣẹ́ tí a jọ kọ sílẹ̀ ni wẹ́bùsáìtì olójú-ìwé márùn-ún, pẹ̀lú àtúnṣe ẹ̀ẹ̀mejì, ₦350,000. Mẹ́rin ti parí, ìkarùn-ún yóò tẹ̀ yín lọ́wọ́ lọ́jọ́ Ẹtì. Ibi tí àwọn oníbàárà yóò ti máa bèèrè oúnjẹ tí wọn yóò sì sanwó kò sí nínú àdéhùn wa. Mo lè ṣe é fún yín: ọjọ́ mẹ́fà, ₦105,000, lẹ́yìn tí ti àkọ́kọ́ bá parí. Bí ẹ bá fẹ́ kó ṣáájú, ọjọ́ Ẹtì tí mo dá yóò sún síwájú. Ọ̀kan wo lẹ fẹ́, mà? Tí ẹ bá ti sọ ọ́, n ó kọ ìwé rẹ̀ ránṣẹ́, n ó sì bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ìdajì owó rẹ̀ bá wọlé. Ti gbígbé àwòrán sórí Ìńsítágíráàmù, mi ò ní lè ṣe é mọ́ láti òní. Tí ẹ bá fẹ́, mo mọ ẹni tó ń ṣe é dáadáa."

Wò ó, ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, nítorí ìpè tí o kò gbé, ohun tí o jẹ̀bi rẹ̀ gan-an nìyẹn. O ò tọrọ gáfárà nítorí owó. O ò sọ pé o ò sùn, pé ó ń fìyà jẹ ọ́, pé iṣẹ́ ẹlòmíràn wà lọ́wọ́ rẹ. Tí o bá ki ìyẹn bọ̀ ọ́, ìṣòro rẹ ni yóò máa dá lóhùn, kò ní dá àdéhùn lóhùn. Yíyàn ni o sì gbé síwájú rẹ̀. Àgbàlagbà tí wọ́n fún ní yíyàn kò ní rò pé ọmọdé ń pàṣẹ fún òun.

Kò ní kọ èsì, yóò pè ọ́. Gbé e! Jọ̀ọ́, Àbẹ̀kẹ́, gbé e. Yóò ní, "Ọmọ mi, ṣé nítorí nǹkan kékeré yìí?" Dá a lóhùn jẹ́jẹ́ pé, "Kékeré ni lójú yín, mà, ọjọ́ mẹ́fà ni lọ́wọ́ mi." Kí o wá dákẹ́ kó sọ̀rọ̀. Irú ìdákẹ́ yẹn ni mo fẹ́. Bó bá ní owó náà pọ̀, má já owó, iṣẹ́ ni kí o dín kù: kí wọ́n máa bèèrè oúnjẹ lórí wẹ́bùsáìtì, kó já sí Wáàsáàpù rẹ̀, kí ìsanwó káàdì dúró di ìgbà mìíràn. Bí ìyẹn bá gba ọjọ́ méjì, ₦35,000 ni. Tó o bá fi ẹ̀dínwó dín ₦105,000 kù, iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́fà ṣì wà lọ́rùn rẹ, ohun tó bá sì béèrè lẹ́yìn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni yóò fẹ́ kí o já a. Ẹ parí ìpè, kọ ohun tí ẹ fẹnu kò sí ránṣẹ́ sí i lọ́jọ́ náà: "Gẹ́gẹ́ bí a ṣe sọ, mà…" Ohun tí mi ò ṣe ní Ìjẹ̀bú-Òde nìyẹn.

Ó lè kọ̀. Ó lè ní òun kò san nǹkan kan kún un. Ṣe ojú-ìwé márùn-ún rẹ parí dáadáa, fi hàn án, gba ìyókù owó rẹ, kí o sì fi í lé e lọ́wọ́. Orúkọ wẹ́bùsáìtì tí ẹ fi owó rẹ̀ rà, tirẹ̀ ni, má fi dá a dúró láé, ìbáà ṣe pé ẹ jà. Bọ́sẹ̀ ní òun fẹ́ bá ọ bá a sọ̀rọ̀. Mo ti ní kó má dá sí i. Ẹnu ìwọ tí o ń ṣe iṣẹ́ ló yẹ kí Alhájà ti gbọ́ ọ.

Ojú ń tì ọ́, mo mọ̀. Ọlọ́run ló mọ bó ṣe ń dùn mí tó pé lọ́dọ̀ mi lo ti rí i. Ṣùgbọ́n má tìtorí ìtìjú pa fóònù mọ́ fún oníbàárà, má sì pa á mọ́ fún èmi. Bí o bá ń bínú lọ́wọ́, má kọ ọ́ lálẹ́ yìí. Lọ sùn, kọ ọ́ láàárọ̀, kà á fún ẹ̀gbọ́n rẹ kí o tó tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́.

Káfíńtà tó máa ṣe òrùlé ti gbà pé kí a san tiẹ̀ díẹ̀díẹ̀, nítorí náà má wá owó kankan kiri nítorí wa. Àbúrò rẹ ń bèèrè bàtà rẹ tó wà nísàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, mo ti ní kó mú un. Pe màmá rẹ lónìí, kí o tó pe Alhájà.

Èmi ni,
Bàbá rẹ