Kí o tó sanwó ọkọ̀ yẹn

Àjàní ọmọ mi,

Ó ti dé etígbọ̀ọ́ mi pé o ti rí Toyota Kòróòlà ọdún 2009 kan ní Ìbàdàn, pé ẹ ti fẹnu kò sí mílíọ̀nù mẹ́fà náírà, àti pé ọkùnrin tó mú ọ lọ wo ọkọ̀ náà ló ní kí o san owó náà sí àkáǹtì òun. Má tíì san án. Ọ̀rọ̀ ọkùnrin yẹn ló ń kọ mí lóminú jù.

Bí àwọn gbájúẹ̀ ṣe ń ṣe é nìyí. Wọn á rí ọkọ̀ tí ẹlòmíì ń tà, wọn á fi àwòrán rẹ̀ polówó. Wọn á sọ fún ẹni tó ni ín pé àbúrò àwọn ń bọ̀ wá wò ó, kó má bá a sọ̀rọ̀ owó. Wọn á sì sọ fún ìwọ náà pé ẹni tí wàá bá níbẹ̀ jẹ wọ́n ní gbèsè, kí o má dárúkọ iye níwájú rẹ̀. Ojúlówó ni ọkọ̀ tí o rí, ojúlówó ni ìwé rẹ̀, ṣùgbọ́n owó rẹ á wọ àpò ẹni tí kò ni ín. Ẹni tó ni ọkọ̀ ò ní gba kọ́bọ̀, kò sì ní fún ọ ní kọ́kọ́rọ́. Nítorí náà, pe ẹni tó ni ín, kí o sì bi í léèrè níṣojú gbogbo wọn pé: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, èló lẹ fẹ́ gbà, àkáǹtì wo ni kí n san án sí?” Bí wọ́n bá ń dá ọ dúró kí o má béèrè, máa bá ẹsẹ̀ rẹ lọ.

Orúkọ tó wà lórí ìwé ẹ̀rí ẹni tó ni ọkọ̀, orúkọ tó wà lórí káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀, àti orúkọ tí báńkì yóò gbé jáde nígbà tí o bá tẹ nọ́ńbà àkáǹtì rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, ọ̀kan náà ni kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í yí orúkọ padà lórí ìwé lẹ́yìn tí wọ́n bá ra ọkọ̀. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí olùtà kó àwọn ìwé àdéhùn títà sílẹ̀, láti ọ̀dọ̀ ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé títí dé ọ̀dọ̀ tirẹ̀. Bí ọ̀kan bá sọnù láàárín, má sanwó.

Wo nọ́ńbà ṣásí lábẹ́ gíláàsì iwájú àti lára òpó ilẹ̀kùn dírẹ́bà. Mẹ́tàdínlógún ni lẹ́tà àti nọ́ńbà inú rẹ̀, kò sì sí I, O tàbí Q níbẹ̀. Nínú Kòróòlà tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà, ìkẹwàá ló ń sọ ọdún: 9 ló yẹ kí o rí níbẹ̀. Kí nọ́ńbà ṣásí náà bá ti orí ìwé ọkọ̀ àti ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù mu láìku ẹyọ kan. Kọ́sítọ́ọ̀mù lè gba ọkọ̀ tí wọn ò san owó ibodè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń lò ó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹlòmíì ló kó o wọ̀lú.

Kí ẹ kọ ìwé àdéhùn kí owó tó kúrò lọ́wọ́ rẹ. Ẹ kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ẹ̀yin méjèèjì, nọ́ńbà ọkọ̀, ti ṣásí àti ti ẹ́ńjìnnì, iye owó ní nọ́ńbà àti ní ọ̀rọ̀. Kí olùtà kọ ọ́ pé òun ló ni ín, pé kò sí gbèsè lórí rẹ̀, àti pé òun yóò dá owó padà bí ó bá hàn pé wọ́n jí i ni, tàbí pé wọn ò san owó ibodè rẹ̀. Ẹ má gbàgbé wákàtí tí ọkọ̀ bọ́ sí ọ lọ́wọ́, nítorí bí wọ́n bá ti fi ọkọ̀ náà ṣẹ̀ ṣáájú àkókò yẹn, ìwé yẹn ni wàá fi gbèjà ara rẹ. Ẹlẹ́rìí kan láti ọ̀dọ̀ rẹ, kan láti ọ̀dọ̀ tirẹ̀. Ẹ̀dà méjì, kí gbogbo yín fọwọ́ sí méjèèjì.

Má kó owó dání lọ. Òfin ọdún 2022 lórí fífi owó ẹ̀ṣẹ̀ pamọ́ kò gbà kí ẹnì kan san ju mílíọ̀nù márùn-ún náírà lọ lówó tútù, àfi kó gba báńkì kọjá. Ẹ lọ sí báńkì olùtà lọ́jọ́ iṣẹ́, ní àárọ̀. Kọ́kọ́ fi 5,000 náírà ránṣẹ́, kí ó rí i nínú àkáǹtì rẹ̀ fúnra rẹ̀, nítorí àléètì orí fóònù ṣeé ṣe ayédèrú. Lẹ́yìn náà ni kí o fi 5,995,000 tó kù tẹ̀ lé e. Bí o bá rí “Pending”, má tún un fi ránṣẹ́. Nọ́ńbà Session ID tó wà lórí rìsíìtì ni báńkì yóò fi wá a.

Bí owó bá ti wọlé, kí olùtà kọ rìsíìtì fún ọ níbẹ̀, kí ó kọ nọ́ńbà Session ID yẹn sí i, kí ó kọ ọ́ pé owó ti pé. Gba kọ́kọ́rọ́ méjèèjì, ojúlówó ìwé ẹ̀rí, ìwé àṣẹ ọkọ̀, ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù, rìsíìtì tí òun náà fi rà á, àti ẹ̀dà káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀. Ìwọ̀nyí ni wọn yóò béèrè lọ́fíìsì ìwé ọkọ̀ nígbà tí o bá fẹ́ yí i sí orúkọ rẹ. Ra ìnṣọ́ránsì ní orúkọ tìrẹ kí o tó gbé e jáde; má gbára lé ti olùtà.

Fi ẹ̀dà àdéhùn yẹn ránṣẹ́ sí mi kí o tó fọwọ́ sí i.

Èmi ni,
Ìyá rẹ