Ọdún méjì ni fáìlì Pọ́ọ̀lù fi wà nílẹ̀

Ìyá Tóbi mi,

Mo kí ọ o. Ṣé ara le? Òtútù ibẹ̀ yẹn ńkọ́? Àwọn ọmọ àti bàbá wọn ńkọ́? Àwa náà wà dáadáa níbí. Owó léèsì tún ti gbẹ́nu sókè ní Balógun, orúnkún màmá mi ti ń dára díẹ̀díẹ̀, ọkọ̀ ojú irin sì ti ń gbé èrò l'Ọ̀yìngbò, òun ni Bàbá Dèjì ń wọ̀ lọ sí Ìkẹjà láàárọ̀. Àárò rẹ ń sọ mí gan-an. Ṣùgbọ́n ìwàásù ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá ló jẹ́ kí n mú bírò lóru yìí.

O rántí Fíkà tuntun tí mo sọ fún ọ, èyí tó ṣiṣẹ́ ìjọba kó tó wọṣẹ́ Olúwa. Ó ní òun fẹ́ bá òṣìṣẹ́ ìjọba àti oníṣòwò sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀gúnjẹ. Àwa ọlọ́jà ti múra de òṣùwọ̀n èké inú ìwé Òwe, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba sì ti múra de Géhásì àti ẹ̀tẹ̀ rẹ̀. Kò fọwọ́ kan ìkankan nínú méjèèjì. Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 24 ló ṣí, ibi tí wọ́n ti mú Pọ́ọ̀lù dé iwájú gómìnà Fẹ́líìsì ní Kesaríà.

Mo ti ka ibẹ̀ láìmọye ìgbà, n kò sì rí ohun tó fi hàn wá yìí rí. Fẹ́líìsì ò béèrè kọ́bọ̀ lọ́wọ́ Pọ́ọ̀lù. Ohun tó sọ ni pé kí Lísíà olórí ogun dé ná, kí òun tó dá ẹjọ́. Bẹ́ẹ̀ lẹ́tà Lísíà ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wà ní orí 23, ó sì sọ kedere pé ọkùnrin náà kò ṣe ohun tó tó ikú tàbí ẹ̀wọ̀n. Fíkà ní, “Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lọ́fíìsì, kí ló tún kù nínú fáìlì yẹn?” Kò sí ohun tó kù. Ṣùgbọ́n Pọ́ọ̀lù ti sọ níwájú ilé ẹjọ́ pé òun kó ọrẹ àánú wá fún àwọn ènìyàn òun, Fíkà sì rò pé ibẹ̀ ni gómìnà ti mọ̀ pé owó wà nílẹ̀. Ẹsẹ 26 ní ó ń retí pé Pọ́ọ̀lù yóò fún òun lówó, ìdí nìyẹn tó fi ń ránṣẹ́ pè é lemọ́lemọ́ láti bá a sọ̀rọ̀. Ó tilẹ̀ gbọ́ ìwàásù Pọ́ọ̀lù lórí òdodo, ẹ̀rù bà á, ó ní kó máa lọ ná, tóun bá ráyè òun á ránṣẹ́ pè é. Ọdún méjì ló fi ń ráyè! Nígbà tí Fẹ́sítọ́ọ̀sì gba ipò rẹ̀, ka orí 25 kó o rí i: ọjọ́ mẹ́ta, ó gòkè lọ Jerúsálẹ́mù, ó lo bí ọjọ́ mẹ́jọ sí mẹ́wàá, ó padà, lọ́jọ́ kejì ó jókòó sórí ìtẹ́ ìdájọ́. Ẹjọ́ tí wọ́n fi ọdún méjì jókòó lé, kò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́wọ́ ẹlòmíràn kí wọ́n tó pè é.

Ṣọ́ọ̀ṣì dákẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Lẹ́yìn ìsìn, màmá kan tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba bínú jáde. Ó ní òun kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni rí, àwọn tí òun bá ṣiṣẹ́ fún ni wọ́n ń fi nǹkan dúpẹ́. Ó ń sọ ọ́ fún ẹni tó bá rí, títí dé ìdí ọkọ̀. Ìyá rere ni, o mọ̀ ọ́n, òun ló dúró tì wá nígbà ìsìnkú Bọ̀dá. Mo wò ó, àánú rẹ̀ ṣe mí, nítorí Fíkà ti dáhùn ọ̀rọ̀ náà lórí àga ìwàásù. Ó ní Àlẹ̀mọ́ Karùn-ún nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 kò pe bíbéèrè nìkan lẹ́ṣẹ̀: gbígba ohunkóhun nítorí iṣẹ́ tí o ṣe tàbí tí o kò ṣe wà nínú rẹ̀, ì báà jẹ́ lẹ́yìn tí iṣẹ́ ti parí. Ẹ̀bùn tí òfin yọ̀ǹda ni ti mọ̀lẹ́bí àti ọ̀rẹ́ ẹni, níwọ̀n àti nígbà tí àṣà mọ̀ sí. Ó wá bi àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba pé bí wọ́n bá gbé wọn kúrò ní tábìlì wọn lọ́la, ṣé onítọ̀hún á tún gbé ìrẹsì wá dúpẹ́?

Nígbà ẹ̀kọ́ Bíbélì ọjọ́ Wẹ́sídè, oníṣòwò táìlì kan bi í léèrè tiwa. Ó ní bí ẹrù bá wà ní èbúté, owó ìdádúró ń gun orí ara wọn lójoojúmọ́, kí ni kí òun ṣe? Mo fẹ́ràn pé Fíkà ò tàn án. Ó ní ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú ẹni tó sanwó kí wọ́n lè fo orí ẹlòmíràn, tàbí kí wọ́n má wo inú ẹrù rẹ̀. Síbẹ̀ òfin ọdún 2000 tó dá àjọ ICPC sílẹ̀ láti gbógun ti ẹ̀gúnjẹ fi ẹ̀wọ̀n ọdún méje sórí ẹni tó gbà, ó sì fi ọdún méje kan náà sórí ẹni tó fún un. Ó sì rán wa létí pé àìsanwó Pọ́ọ̀lù kò mú ìdáǹdè wá fún un. Wọ́n kàn gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ ni, ó sì ní láti ké gbàjarè sí Késárì. Kò ṣèlérí fún ẹnikẹ́ni pé ẹrù rẹ̀ á jáde.

Mo ti ń sá fún ohun tí mo fẹ́ sọ láti òkè wá. Ìyá Tóbi, owó tí o fi ránṣẹ́ pé kí n fi rí ọ̀gá tó wà nídìí ìwé ilẹ̀ rẹ ní Ìkòròdú, ó ṣì wà lọ́wọ́ mi. N kò tíì fún un. Mo sì ń bẹ̀ ọ́, má jẹ̀ẹ́ kí n fún un.

Fíkà sọ bí a ṣe lè mọ̀: bí ìwé bá ní àléébù lóòótọ́, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n á sọ ohun tó kù, owó ìjọba sì máa ń ní rìsíìtì. Ti ìwọ, gbogbo owó tí wọ́n béèrè la ti san, rìsíìtì wà, àwòrán ilẹ̀ wà. Ẹnu lásán ni ọ̀gá yẹn fi ń sọ pé ó ku díẹ̀, nọ́ńbà àkáǹtì tirẹ̀ ló sì fún mi. Ohun tí mo fẹ́ ṣe ni kí n kọ lẹ́tà, kí nọ́ńbà fáìlì àti ọjọ́ tó wà lórí rìsíìtì wà nínú rẹ̀, kí n ní tí ohunkóhun bá kù, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé fún wa. Ẹ̀dà méjì ni màá gbé lọ, wọ́n á lu òǹtẹ̀, wọ́n á kọ déètì sórí tiwa. Bí wọn ò bá dáhùn, èyí tó ní òǹtẹ̀ yẹn ni màá gbé tọ ẹni tó ga jù ú lọ.

Mo mọ̀ pé o fẹ́ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìpìlẹ̀ kó tó di Kérésìmesì, ó sì lè má bọ́ sí i mọ́. Ìyẹn ló ń dùn mí. Ẹ̀gbọ́n rẹ náà ti pè, wọ́n rò pé mo ń fọwọ́ falẹ̀. Jọ̀ọ́, bá wọn sọ̀rọ̀ kí wọ́n má bínú sí mi. Kọ ìwé àṣẹ ránṣẹ́ sí mi, kó o fọwọ́ sí i, pé èmi ni kí wọ́n bá sọ̀rọ̀ lórí fáìlì náà, torí wọn ò ní gba lẹ́tà lọ́wọ́ mi láìsí i. Kó o sì sọ ibi tí o fẹ́ kí n san owó yẹn padà sí. Bí o bá bínú, pè mí kó o bínú sí mi létí, má kàn dákẹ́.

Dèjì ní kí n béèrè bóyá Tóbi ṣì ń gbá bọ́ọ̀lù.

Èmi ni tìrẹ,
Ìyá Dèjì
Ẹ̀bùté Mẹ́ta