Lẹ́tà sí àbúrò mi tó ń kọ eré fún àwọn ọmọ ilé-ìwé

Àdùkẹ́ mi,

Mo ti ka eré tó o fi ránṣẹ́, ìtàn rẹ̀ sì wọ̀ mí lára: Táíwò, ọmọṣẹ́ télọ̀ kan ní Mọ́kọ́lá n'Ìbàdàn, fi áyọ́ọ̀nù dá ihò sí aṣọ ẹbí, oníbàárà sì ń bọ̀ wá gbé e. Ohun tí mi ò fara mọ́ ni ìran mẹ́rin tó o pín in sí, tí iná yóò máa kú láàárín wọn. Họ́ọ̀lù ilé-ìwé lẹ ó ti ṣe é, lọ́sàn-án gangan, fèrèsé ṣí sílẹ̀, kò sí aṣọ títa níwájú ìtàgé. Bí iná bá kú, ojúmọmọ ṣì ni. Gbogbo ọmọ ló máa rí ẹni tó ń gbé àga kiri, ariwo á sọ, wàá sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá etí wọn.

Jẹ́ kó jẹ́ ìran kan ṣoṣo. Kí ìṣẹ́jú 40 tí àwọn òǹwòran fi jókòó jẹ́ ìṣẹ́jú 40 gan-an nínú ṣọ́ọ̀bù náà. Aago mẹ́rin ni oníbàárà ń bọ̀. Kí eré bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ṣùgbọ́n má gbé aago kọ́ ògiri o. Bí òṣèré kan bá gbàgbé ọ̀rọ̀ rẹ̀, aago yóò tú yín fó. Ẹnu àwọn ènìyàn ni kí àkókò ti máa jáde.

Bó o bá ti gbà bẹ́ẹ̀, wàá rí i pé Ìdòwú, ẹnìkejì Táíwò nínú eré rẹ, kò lè lọ ra irú aṣọ náà ní Gbági kó sì padà dé. Láti Mọ́kọ́lá lọ sí Gbági tuntun lójú ọ̀nà Ifẹ̀, ta ni yóò lọ tí yóò bọ̀ kí eré tó parí? Ṣùgbọ́n aṣọ ẹbí ni, ẹlòmíràn náà ti rán an. Jẹ́ kó jẹ́ pé télọ̀ òdìkejì títì ló ní ìrépé rẹ̀ tó ṣẹ́ kù, kí òun àti Ọ̀gá má sì ti máa kí ara wọn láti ọjọ́ pípẹ́. Ìrìn kékeré ni láti sọdá títì, àmọ́ ó nira fún Ọ̀gá ju Gbági lọ. Ibẹ̀ ni àárín eré rẹ wà, nítorí níbi tó o bá a dé yìí, ojú ewé mẹ́fà ni wọ́n fi jókòó tí wọ́n ń ṣàròyé, ẹnikẹ́ni kò wọlé, ẹnikẹ́ni kò jáde. Tó o bá rí i tí àwọn ọmọ tó ń kà á ń béèrè pé, "Kí lèmi ń ṣe níbí?", ibẹ̀ ló ti dọ́gbẹ́ nìyẹn.

Nínú èyí tó o kọ, ojú ewé mẹ́sàn-án ló kọjá kí áyọ́ọ̀nù tó kan aṣọ. Yọ gbogbo rẹ̀. Kí a bá Táíwò lóun nìkan, kó na aṣọ sókè, kí ìka rẹ̀ yọ láti inú ihò. Áyọ́ọ̀nù eléèédú ni kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èédú tútù ni kẹ́ ẹ kó sínú rẹ̀. Ẹ má gbé iná dé ìtàgé. Lẹ́yìn náà, dípò tí Táíwò á fi sọ fún Ìdòwú pé, "Gẹ́gẹ́ bó o ṣe mọ̀, ọdún kejì mi rèé lọ́dọ̀ Ọ̀gá," kọ ọ́ báyìí:

ÌDÒWÚ: Ó ku oṣù mélòó kó o gba fíríìdọ̀mù?
(Táíwò ti aṣọ bọ abẹ́ máṣíìnì.)
TÁÍWÒ: Ọ̀gá ti dé ni?

Márùn-ún ni kí òṣèré rẹ mọ. Inú mi dùn sí orúkọ tó o mú, nítorí Táíwò àti Ìdòwú lè jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin. Jẹ́ kí wọ́n máa pe télọ̀ ní Ọ̀gá, kì í ṣe Ìyá Bùkọ́lá. Bí ọmọ kan bá ṣàìsàn, ẹlòmíràn á bọ́ síbẹ̀ láìyí ọ̀rọ̀ kan padà. Ìṣẹ́jú mẹ́fà tó kẹ́yìn ni kí oníbàárà wọlé. Ọmọ tó mú ipò yẹn ni kó mọ ọ̀rọ̀ Táíwò sórí pẹ̀lú, kó lè máa rán an létí láti ẹ̀gbẹ́ ìtàgé.

Kó o tó pè é ní eré ìṣẹ́jú 40, kó àwọn ọmọ náà jókòó, kí wọ́n kà á sókè, kó o fi fóònù ṣírò àkókò. Bó bá kọjá ìṣẹ́jú 33 níjòókòó, ó ti gùn jù. Ìrìn, aṣọ gígé àti ẹ̀rín òǹwòran ni yóò kún ìyókù.

Ìwàásù tó o fi sẹ́nu Ọ̀gá níparí, jọ̀ọ́, pa á rẹ́. Wọ́n ti lẹ ihò náà dáadáa, oníbàárà kò rí nǹkan kan, ó ti ń ka owó. Kí Táíwò fúnra rẹ̀ gba aṣọ náà padà lọ́wọ́ rẹ̀, kó yí i sódì, kó fi ojú ibẹ̀ hàn án. Kí eré parí síbẹ̀.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n rẹ.